Ka Ọjọ́ Kí O Tó Bẹ̀bẹ̀ fún Béèlì

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó bá wá jókòó sí yàrá mi nírọ̀lẹ́, láti múra ìdánwò ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìbéèrè náà kò gùn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọ̀rọ̀ líle kankan nínú. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń ṣubú. Ohun tó sọ nìyí:

Ọlọ́pàá mú Súnmọ́nù, ọmọ ọdún 24 tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Àpò nílùú Àbújá, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2024. Wọ́n fura sí i pé ó wà lára àwọn tó fi ìbọn ja oníṣòwò kan lólè. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 9 oṣù náà, wọ́n gbé e dé kóòtù májísíréètì, adájọ́ sì ní kí wọ́n lọ tì í mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje fún ọjọ́ 14. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọlọ́pàá tọrọ àfikún, wọ́n rí i gbà. Nígbà tí ìyẹn náà pé, kóòtù ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò àgbà pé kí wọ́n wá sọ ìdí tí ọmọ náà fi ṣì wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n wá, wọ́n ní àwọn ń retí ìmọ̀ràn láti ọ́fíìsì adarí ìpẹ̀jọ́, kóòtù sì fún wọn ní ìgbà díẹ̀ sí i. Òní ni ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Súnmọ́nù ṣì wà ní Kuje, kò sì sí ìwé ẹ̀sùn ní ilé ẹjọ́ gíga kankan. Ìyá rẹ̀ gbà ọ́ ní lọ́yà. Kí ni wàá ṣe?

Bí mo bá ti kà á tán, ẹnìkan á ti nawọ́. "Mà, máa kọ̀wé béèlì." Màá ní kí ó máa bá a lọ, á ní: "Màá sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, pé ara rẹ̀ kò yá, pé kò tíì jẹ̀bi rí." Ọ̀rọ̀ àánú ni gbogbo rẹ̀, n kò sì bá a wí nítorí pé àánú ṣe ènìyàn. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé ta ló ń tọrọ béèlì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Májísíréètì ni àbí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga? Ibẹ̀ ni gbogbo yàrá ti máa ń dákẹ́.

Òfin tí a fi ń dáhùn ìbéèrè yìí ni Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015. Òun ló ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá àti ní àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, Èkó ló sì kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2007. Iye ọjọ́ tó wà nínú òfin ìpínlẹ̀ yín lè yàtọ̀ sí èyí tí mo fẹ́ kà fún yín, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ronú rẹ̀ kò yàtọ̀.

Fífi ìbọn jalè, ikú ni ìjìyà rẹ̀ lábẹ́ òfin. Abala 161 Òfin 2015 sì sọ pé adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè fún ẹni tí wọ́n fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn ní béèlì, àfi bí nǹkan kan tó ṣàrà ọ̀tọ̀ bá wà nílẹ̀ ni yóò sì fún un. Nítorí náà, ìwé béèlì tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ sí májísíréètì kò lè gbé Súnmọ́nù níbì kan. Ilẹ̀kùn tó kàn kò ní ẹ̀yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka ìwé díẹ̀ á sọ pé kò burú, òun á gba ilé ẹjọ́ gíga lọ, òun á sì mú abala 161 kan náà, nítorí ó dárúkọ ìjáfara nínú ìwádìí àti ìpẹ̀jọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ohun tó ṣàrà ọ̀tọ̀. Òótọ́ ni, ó dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjáfara tó ju ọdún kan lọ ni òfin sọ. Súnmọ́nù ṣẹ̀ṣẹ̀ lo 70 ọjọ́ láti ìgbà tí wọ́n mú un. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí á jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ títí di oṣù Kejì ọdún 2025 kó tó lè la ẹnu.

Ẹlòmíràn á sáré gbé Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 jáde. Abala 35, ẹsẹ̀ 4, sọ pé ẹni tó wà ní àtìmọ́lé tí wọn kò bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàárín oṣù méjì, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Oṣù méjì ti pé láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ó jọ pé ìdáhùn ti dé. Àmọ́ ẹ máa kà á lọ títí dé ẹsẹ̀ 7. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ ẹni tí wọ́n fura sí lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú wà nídìí rẹ̀ kúrò nínú ẹsẹ̀ 4. Òfin ọjọ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀, pé kí wọ́n gbé afurasí dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ẹsẹ̀ 4 yẹn kan náà ló ń ṣàlàyé. Bí a bá ní kí a fi ọ̀rọ̀ Súnmọ́nù sórí abala 35, olùpẹ̀jọ́ á kan dìde, á ka ẹsẹ̀ 7, á sì jókòó.

Ohun tó ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí lọ́nà kan náà ni. Wọ́n rò pé béèlì nìkan ni ọ̀nà tí ènìyàn fi ń jáde ní àtìmọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé irú ìwé wo ló ti Súnmọ́nù mọ́lé. Kì í ṣe ìdájọ́, kò sì sí ẹjọ́ kankan tí wọ́n ti ń gbọ́. Májísíréètì yìí kò tilẹ̀ ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ fífi ìbọn jalè. Àṣẹ ìtìmọ́lé lásán ni, èyí tí abala 293 fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ kí ọlọ́pàá má baà máa fi ènìyàn pamọ́ sí àgọ́ wọn. Àwọn lọ́yà ti jà lórí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2002, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ Johnson àti Lufadeju pé ó lòdì sí Òfin Ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ yí i padà ní ọdún 2007, wọ́n ní ó bófin mu. Àṣẹ náà dúró, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ orí tirẹ̀, ọjọ́ orí yẹn ni ìdáhùn wà nínú rẹ̀.

Ọlọ́pàá nìkan ló ń wá tọrọ àṣẹ yìí. Fọ́ọ̀mù 8 ni wọ́n ń kọ, wọ́n á búra sí i, adájọ́ á sì wò ó láìpe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láti fèsì. Àwa Yorùbá sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe òfin fi fún àṣẹ náà ní ẹ̀mí kúkurú. Ohun tí a fi ẹ̀gbẹ́ kan gbọ́, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ mú kàlẹ́ńdà. Abala 296 ni a ó fi kà á. Ọjọ́ 9 oṣù Kejì ni kóòtù kọ́kọ́ ti Súnmọ́nù mọ́lé, ọjọ́ 14 ló sì le fún wọn, ìyẹn gbé wa dé ọjọ́ 23 oṣù Kejì. Bí ọlọ́pàá bá kọ̀wé tí wọ́n sì sọ ìdí tó dáa, kóòtù lè fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un: ọjọ́ 8 oṣù Kẹta. Bí ọmọ náà bá ṣì wà níbẹ̀, kóòtù á ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò àgbà pé kí wọ́n wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí òun tú u sílẹ̀, ìsúnsíwájú fún èyí kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ: ọjọ́ 22 oṣù Kẹta. Bí wọ́n bá wá, tí ìdí wọn sì mọ́gbọ́n dání, kóòtù lè fún wọn ní ọjọ́ 14 ìkẹyìn láti gbé e lọ síwájú kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀: ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin. Ẹ ro ó pọ̀, ọjọ́ 56 ni. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin kò sọ pé kóòtù "lè" tú u sílẹ̀. Ó ní kóòtù gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀, lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹnìkan kọ̀wé béèrè, ì báà má jẹ́.

Òní jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ 10 ni Súnmọ́nù ti lò ju ohun tí òfin fàyè gbà. Béèlì kọ́ ni lọ́yà rẹ̀ fẹ́ tọrọ. Ìtúsílẹ̀ ló ń béèrè, kóòtù májísíréètì tó kọ àṣẹ náà gan-an ni yóò padà sí. Ìwé rẹ̀ kò ní gùn. Yóò gba ẹ̀dà àwọn àṣẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kóòtù fi òǹtẹ̀ sí, yóò so wọ́n mọ́ ìwé ìbúra, yóò kọ déètì wọn tẹ̀léra, yóò sì sọ pé òun ti wo ìwé ní ilé ẹjọ́ gíga, kò sí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án níbẹ̀. Bí májísíréètì náà bá kọ̀ tàbí tó ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la, ilé ẹjọ́ gíga wà tí a lè gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ lábẹ́ abala 46 Òfin Ìpìlẹ̀.

Olùpẹ̀jọ́ kò ní ṣàì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, pé ọmọ náà lè sá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé kò ní sá ti bọ́ sínú pàkúté. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe wúwo tó àti bóyá afurasí lè sá, ohun tí kóòtù ń wò nìyẹn lábẹ́ abala 294 ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ tì í mọ́lé. Wọ́n ti wò ó ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 56, ọ̀rọ̀ ti di ti kàlẹ́ńdà. Lọ́yà sì lè fi kóòtù lọ́kàn balẹ̀ pé ìtúsílẹ̀ yìí kì í ṣe ìdáláre. Bí ọlọ́pàá bá rí ẹ̀rí lọ́la, ọ̀nà ilé ẹjọ́ gíga ṣì là fún wọn.

Kí ló dé tí ohun tó rọrùn báyìí láti kà fi ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn? Mo rántí ìyá kan tó wá bá mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó gbé ìwé kan sínú ọ̀rá, ó ká a sí mẹ́rin, ìká rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e. Ẹ̀dà àṣẹ ìtìmọ́lé ọmọ rẹ̀ ni. Ó ti lọ sí kóòtù náà ní ìgbà mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní adájọ́ lọ ìpàdé. Ìgbà kejì, adájọ́ jókòó ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n kò gbé àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá. Ìgbà kẹta, wọ́n ní fáìlì kò sí lórí tábìlì. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé fún un ní déètì tuntun lẹ́nu, kò sí ẹni tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Mo tú ìwé náà sórí tábìlì, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá ọmọ náà padà wá. Ọjọ́ náà ti kọjá láti oṣù mẹ́rin. Kò sí àfikún kankan nínú fáìlì kóòtù nígbà tí a wá rí i. Ọmọ náà kàn wà níbẹ̀, lórí ìwé tó ti kú.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó kún ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, bí ènìyàn méjì nínú mẹ́ta, kò sí adájọ́ tó tíì dá wọn lẹ́jọ́. Bí ẹ bá ní ẹnìkan níbẹ̀, ìwé tí ìyá yẹn ká sínú ọ̀rá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ wo déètì tí wọ́n kọ ọ́, ẹ wo déètì ìdápadà, kí ẹ sì bi akọ̀wé kóòtù bóyá àṣẹ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, lórí ìwé. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́nu kì í ṣe àṣẹ.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí èyí, mo máa ń yí ìbéèrè náà díẹ̀. Ká ní kí lọ́yà tó dé kóòtù, olùpẹ̀jọ́ ti fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga, wọ́n sì ti gbé Súnmọ́nù síwájú adájọ́ láti gbọ́ ẹ̀sùn náà ńkọ́? Súnmọ́nù kò tún jẹ́ afurasí lórí àṣẹ ìtìmọ́lé mọ́, ó ti di olùjẹ́jọ́. Kíka ọjọ́ ti parí, abala 161 tí a tì tẹ́lẹ̀ ni ó wá kàn wá. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àìsàn tí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sọ wá wúlò, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe sọ ọ́. Òfin ń béèrè dókítà ilé ìwòsàn ìjọba, ó sì ń béèrè ẹ̀rí pé ibi tí wọ́n tì í mọ́ kò ní ohun tí wọ́n lè fi tọ́jú àìsàn náà. Nígbà tí ẹjọ́ Abacha dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 2002, wọ́n sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ń ṣàìsàn ní àtìmọ́lé ni béèlì tọ́ sí. Ìwé dókítà tó kàn sọ pé ara rẹ̀ gbóná kò tó. Èyí tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń ti inú rẹ̀ jáde, pé iṣẹ́ abẹ ló nílò, tí lẹ́tà ilé ìtọ́jú ọgbà ẹ̀wọ̀n sì tẹ̀lé e pé àwọn kò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ìyẹn ni adájọ́ lè gbé lé nǹkan.

Ìbéèrè kejì tí mo máa ń fún wọn kò ní ikú nínú. Wọ́n fẹ̀sùn kan obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Wúsè pé ó ná 800,000 náírà tí ẹnìkejì rẹ̀ fi sí i lọ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n ẹ̀sùn náà ju ọdún 3 lọ. Abala 162 sọ pé kí wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní béèlì, àfi bí ìdí bá wà láti gbà pé ó lè sá, tàbí kó dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí, tàbí kó ba ẹ̀rí jẹ́, tàbí ohun mìíràn tó jọ bẹ́ẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìbúra rẹ̀ pé, "Mo gbà gbọ́ pé olùjẹ́jọ́ yóò sá." Kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sáré kọ ọ́ pé obìnrin náà kò ní sá, pé ọmọlúàbí ni. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí ni pé olùpẹ̀jọ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, ní abala 115, fẹ́ kí ìwé ìbúra ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú, kì í ṣe ohun tí ènìyàn parí èrò sí. "Yóò sá" jẹ́ ìparí èrò. "Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Dubai ní ọjọ́ kejì tí a ránṣẹ́ pè é, ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì náà nìyí" jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí èyí kejì bá wà nínú ìwé olùpẹ̀jọ́, ẹjọ́ ti yí padà, obìnrin náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe ní Dubai, bóyá ó ti ń lọ rajà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kó sì fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ kóòtù pé kí wọ́n gbà á mú.

Ká ní adájọ́ wá fún un ní béèlì, ṣùgbọ́n ó ní kí ó mú onídùúró méjì wá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilé ní Maitama, kí wọ́n sì dúró pẹ̀lú 50 mílíọ̀nù náírà. Béèlì dé, obìnrin náà sì wà ní àtìmọ́lé síbẹ̀. Abala 165 sọ pé àwọn ohun tí kóòtù bá béèrè kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má kàn kọ ọ́ pé owó náà pọ̀. Kí ó fi 50 mílíọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ 800,000, kí ó sọ iye tí obìnrin náà ń rí lóṣù, kí ó dárúkọ àwọn tó ṣe tán láti dúró fún un àti ohun tí wọ́n ní, kí ó sì padà sí kóòtù kan náà fún àtúnṣe. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, abala 168 gba adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga láyè láti dín in kù.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́yà kan kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin, nawọ́ lọ́jọ́ tí a ṣe ìbéèrè yìí. Ó ní, "Mà, nígbà tí a mú onídùúró dé kóòtù, akọ̀wé ní òun kò gba obìnrin." Mo bi í ohun tí wọ́n ṣe. Ó ní àwọn padà sílé lọ wá ọkùnrin, ó gba ọjọ́ mẹ́fà. Mo ṣí ìwé fún un sí abala 167, ẹsẹ̀ 3, mo ní kí ó kà á sókè fún gbogbo wa: wọn kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ó kà á, ó sì tún padà kà á. Lẹ́yìn náà ó fi bírò kọ nọ́mbà rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.